Bí Ẹ Ṣe Lè Ká Ẹjọ́ Felthouse v Bindley sí Ojú-ìwé Kan fún Kíláàsì Òfin Àdéhùn

Olùkọ́ ní kí ẹ ka ẹjọ́ kan, kí ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ìbéèrè tó wà níwájú ilé-ẹjọ́, ìpinnu, àti ìdí ìpinnu. Ẹ kọ ojú-ìwé mẹ́rin. Ó dá ìwé padà, ó fi bíírò pupa kọ ọ́ sí i lórí pé: "Ìtàn lẹ sọ." Ohun tí mo ń rí jù nìyí lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa tó ń ka òfin, nígbà tí wọ́n bá wálé fún ìsinmi sí Kàbà, Ìsánlú àti Mọ̀pà. Kì í ṣe pé wọn ò ka ẹjọ́ náà. Wọ́n kà á tán, wọn ò kàn mọ èyí tí wọ́n máa jù nù ni. Ó sì yé mi. Nílé wa, bí àwọn àgbà bá jókòó ti ọ̀rọ̀ kan, láti orí bàbá ńlá ẹni ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, kò sí èyí tí wọn ò ní gbọ́. Adájọ́ tó ń wò ó bóyá àdéhùn wà tàbí kò sí kì í gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba ohun tó lè yí ìdáhùn padà ló ń mú.

Ẹjọ́ tí a máa fi ṣiṣẹ́ ni Felthouse v Bindley, tí wọ́n dá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1862. Kò gùn, gbogbo kíláàsì òfin àdéhùn ló ń kà á, ó sì ní ìkòtò méjì tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń já sí lọ́dọọdún.

Ohun tí ẹ nílò

Ẹ wá ìròyìn ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe àkékúrú inú ìwé àkójọ tí wọ́n ń tà lẹ́yìn kíláàsì. Ẹ lè tẹ `Felthouse v Bindley bailii` sórí fóònù. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti dáa ni kí ẹ ti gbà á sílẹ̀, kí ó má baà jẹ́ pé ìgbà tí ẹ délé tán lẹ ń wá a. Ẹ tún nílò pẹ́ńsùlù, àti tákàdá méjì: ọ̀kan fún ìdọ̀tí, èkejì fún iṣẹ́ tó mọ́. Ẹ má lo bíírò aláwọ̀ títàn yẹn ní kíkà àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ á kun gbogbo ojú-ìwé, kò sì ní mọ èyí tó ṣe pàtàkì mọ́.

Ìpele 1: Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan láìkọ nǹkan kan

Nǹkan mẹ́ta péré lẹ ń wá: ta ló pe ta lẹ́jọ́, kí ló ń bèèrè, ta ló jàre nígbẹ̀yìn.

Ìkòtò àkọ́kọ́ nìyí. Ọ̀rọ̀ ẹṣin ni. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Paul Felthouse fẹ́ ra ẹṣin lọ́wọ́ John, ọmọ arákùnrin rẹ̀. Ẹni tó bá sáré kà á á sọ pé Paul pe John lẹ́jọ́ nítorí pé John yẹ àdéhùn. Rárá o. Paul àti John ò bá ara wọn jà rárá. Bindley ni Paul pè lẹ́jọ́, ọkùnrin tí ó bá John ta ohun ọ̀sìn rẹ̀ ní gbàǹjo. Ohun tó sì fi kàn án ni pé ó ta ohun olóhun. Bí ẹṣin yẹn bá ti di ti Paul kí gbàǹjo tó wáyé, Bindley jẹ̀bi. Bí ó bá ṣì jẹ́ ti John, ohun John ni ó tà, Paul ò ní ẹnu ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ibi tí òfin àdéhùn ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn: ẹṣin ò lè di ti Paul àfi bí àdéhùn bá ti wà láàárín òun àti John.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan nínú ìròyìn ẹjọ́ àtijọ́. Wọ́n máa ń tẹ ọ̀rọ̀ àwọn agbẹjọ́rò méjèèjì síwájú ìdájọ́, ọ̀rọ̀ wọn á sì dún bí òfin pọ́ńbélé. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó da ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò tó pòfo kọ gẹ́gẹ́ bí ìdí ìpinnu. Ẹ wá ibi tí orúkọ adájọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ẹjọ́ yìí, Adájọ́ Willes ni. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí òkè orúkọ rẹ̀, kí ẹ mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ìlà yẹn ni ilé-ẹjọ́ ti ń sọ̀rọ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ pa ìwé dé, kí ẹ sọ gbólóhùn yìí láìwo ibì kan: "Paul pe Bindley lẹ́jọ́ pé ó ta ẹṣin òun, Bindley ló jàre." Bí ẹ bá sọ orúkọ John níbi tó yẹ kí ẹ sọ Bindley, ẹ tún un kà.

Ìpele 2: Ohun tó ṣẹlẹ̀

Ẹ da gbogbo rẹ̀ sórí tákàdá ìdọ̀tí ná. Ohun tó wà nínú ìròyìn náà nìyí. Paul jẹ́ kọ́lékọ́lé ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun àti John ti jọ sọ̀rọ̀ ẹṣin náà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n iye tí oníkálukú gbọ́ yàtọ̀: Paul rò pé 30 pọ́n-ùn ni, John rò pé 30 gínì ni. Gínì kan jẹ́ ṣílè 21, nítorí náà 30 gínì jẹ́ 31 pọ́n-ùn àti ṣílè 10. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kìn-ín-ní, Paul kọ̀wé pé kí àwọn pín ìyàtọ̀ náà sí méjì, òun á san 30 pọ́n-ùn àti ṣílè 15. Ó ní kí John fi ẹṣin ránṣẹ́ nígbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kó má ṣáà kọjá ọjọ́ 25 oṣù Kẹta. Ó wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un: bí òun ò bá gbọ́ nǹkan kan mọ́ nípa ẹṣin náà, òun ti kà á sí ti òun ní iye yẹn. John ò fèsì. Paul ò san kọ́bọ̀, ẹṣin ò sì kúrò lọ́dọ̀ John. Nígbà tí John fẹ́ ta ohun ọ̀sìn oko rẹ̀ ní gbàǹjo, ó sọ fún Bindley pé òun ti ta ẹṣin yìí, kó yọ ọ́ sọ́tọ̀. Bindley gbàgbé. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì, ó ta ẹṣin náà ní 33 pọ́n-ùn. Ọjọ́ 27 ni John tó kọ̀wé sí Paul láti ṣàlàyé. Júrì dá Paul láre, wọ́n ní kí Bindley san 33 pọ́n-ùn. Àwọn adájọ́ ilé-ẹjọ́ Kọ́mọ̀n Plíìsì wá yí i padà.

Ó ti gùn, àbí? Ẹ wá mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi ara yín pé: bí eléyìí bá yí padà, ṣé ìdájọ́ lè yí padà?

Iṣẹ́ ilé kíkọ́ Paul ńkọ́? Bó jẹ́ aṣọ ló ń tà, kò yí nǹkan kan padà. Ẹ pa á rẹ́. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹta? Ẹ pa á rẹ́. Ìyàtọ̀ pọ́n-ùn àti gínì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ yóò pa á rẹ́ pátápátá, èmi ò ní pa á rẹ́ tán. Òun ló fi hàn pé ọ̀rọ̀ ẹnu ìṣáájú ò di àdéhùn, nítorí pé ohùn wọn ò ṣọ̀kan lórí iye. Gbólóhùn kúkúrú kan tó fún un, ẹ ò nílò ìṣirò rẹ̀.

Pé John ò fèsì? Bó bá fèsì, gbogbo ẹjọ́ yí padà. Ó dúró. Pé Paul ò san owó, tí ẹṣin sì wà lọ́dọ̀ John? Ó dúró, ìdí rẹ̀ á hàn ní ìpele 5. Pé John sọ fún Bindley pé òun ti ta ẹṣin náà? Èyí ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò, òun ló sì lérè jù nínú gbogbo rẹ̀. Ó fi hàn pé lọ́kàn John, ó ti gbà láti ta ẹṣin fún Paul. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, ẹjọ́ náà á di ẹjọ́ ẹni tó dákẹ́ torí pé kò fẹ́ tà. Ẹni yìí fẹ́ tà. Kò kàn sọ fún ẹni tó yẹ kó sọ fún ni.

Ohun tó yẹ kó kù lórí tákàdá tó mọ́ nìyí:

"Paul fẹ́ ra ẹṣin lọ́wọ́ John, ọmọ arákùnrin rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn wọn ò ṣọ̀kan lórí iye. Paul kọ̀wé pé òun á san 30 pọ́n-ùn àti ṣílè 15, pé bí òun ò bá gbọ́ nǹkan kan mọ́, ẹṣin ti di ti òun. John ò fèsì. Paul ò sanwó, ẹṣin wà lọ́dọ̀ John. John sọ fún Bindley, tó fẹ́ bá a ṣe gbàǹjo, pé òun ti ta ẹṣin náà. Bindley gbàgbé, ó tà á fún ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ni John kọ̀wé sí Paul. Paul pe Bindley lẹ́jọ́ pé ó ta ohun òun. Júrì dá Paul láre."

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fún ẹnì kan nílé kà, ẹni tí kò ka òfin. Bí ó bá bi yín pé "ta wá ni Bindley?", ẹ ti gé e jù. Bí ó bá fò ju ìlà méjì, ẹ ò tíì gé e tó. Ẹ tún wò ó bóyá ọ̀rọ̀ bí "àdéhùn tí wọ́n ṣe" ti yọ wọ inú rẹ̀. Bóyá àdéhùn wà ni wọ́n ń jà lé lórí. Ẹni tó bá ti pè é ní àdéhùn nínú ìtàn ti dá ẹjọ́ náà kí ilé-ẹjọ́ tó dá a.

Ìpele 3: Ìbéèrè

Ibí ni máàkì ti ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa jù. Ìbéèrè burúkú méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́: "Ṣé Bindley ṣe dáadáa bó ṣe ta ẹṣin náà?" Kò sí òfin kankan nínú rẹ̀. Èkejì: "Kí ni ìtẹ́wọ́gbà?" Òfin nìkan ló wà níbẹ̀, a ò rí ẹjọ́ yìí nínú rẹ̀, ẹ lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ igba ẹjọ́ mìíràn.

Ìbéèrè tó dáa máa ń ní ọ̀rọ̀ òfin kan àti ohun tó ṣẹlẹ̀ tó mú un le, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ sì ni ìdáhùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ òfin wa níbí ni ìtẹ́wọ́gbà, ìyẹn pé ẹni tí a gbé ìdábàá síwájú rẹ̀ gbà á. Ohun tó mú un le ni pé John dákẹ́ sí Paul ṣùgbọ́n ó sọ fún Bindley. Ẹ so wọ́n pọ̀:

"Nígbà tí ẹni tó gbé ìdábàá kalẹ̀ sọ pé òun á ka ìdákẹ́jẹ́ sí ìtẹ́wọ́gbà, ṣé àdéhùn wà bí ẹnì kejì bá gbà á lọ́kàn rẹ̀ tí kò sì sọ fún un?"

Ìbéèrè kejì wà, kékeré ni, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ dáhùn rẹ̀: "Ṣé ìwé tí John kọ lẹ́yìn tí wọ́n ti ta ẹṣin lè ṣiṣẹ́ sẹ́yìn kó sì mú Bindley?" Bí olùkọ́ yín bá ń fẹ́ ìbéèrè kan ṣoṣo, ẹ mú ti àkọ́kọ́. Bí kò bá sọ, ẹ kọ méjèèjì.

Bó bá jẹ́ ẹjọ́ ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ilẹ̀ wa lẹ ń kà, ẹ ó rí i pé àwọn agbẹjọ́rò ti to ìbéèrè sílẹ̀ nínú rẹ̀, nígbà mìíràn mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ má dà wọ́n kọ. Ìgbà púpọ̀ ni méjì nínú wọn máa ń dá lórí bí wọ́n ṣe gbé ẹjọ́ wọlé. Èyí tó kan àdéhùn ni kíláàsì yín ń wá.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fi ọwọ́ bo orúkọ ẹjọ́ náà. Ṣé ẹni tó ti kà á rí lè mọ̀ látinú ìbéèrè yín nìkan pé Felthouse ni? Lẹ́yìn náà, ẹ dá a lóhùn ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí kò bá ṣeé dá lóhùn bẹ́ẹ̀, ẹ tún un kọ.

Ìpele 4: Ìpinnu

Ìdáhùn sí ìbéèrè tẹ́ ẹ kọ ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. "Bindley ló jàre" kọ́ ni ìpinnu. Àbájáde ẹjọ́ nìyẹn. Ẹ fi í sí ìparí ìlà náà.

"Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tó gbé ìdábàá kalẹ̀ kò lè fi ìdákẹ́jẹ́ de ẹnì kejì. Bí ẹnì kejì bá tilẹ̀ gbà á lọ́kàn, kò sí àdéhùn títí yóò fi sọ ọ́ fún un tàbí ṣe ohun tó de ara rẹ̀. Ìwé tó dé lẹ́yìn gbàǹjo kò ṣiṣẹ́ sẹ́yìn. Nítorí náà ẹṣin kò tíì di ti Paul, Bindley jàre."

Ìkòtò kejì wà níbí. Gbogbo ìwé àkékúrú ló ń kọ pé "ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ìtẹ́wọ́gbà láé." Adájọ́ Willes ò sọ "láé". Ohun tó sọ ni pé Paul ò ní ẹ̀tọ́ láti fi dandan lé John lọ́rùn pé àfi kó kọ̀wé kọ̀ ọ́. Ó sì ní bí John bá ti kọ̀wé gbà, ìbá ti mú Paul. Pé ènìyàn lè fi ìṣe gbà láìkọ̀wé gbà, ẹjọ́ Brogden v Metropolitan Railway Company ti ọdún 1877 fi hàn: Brogden ń kó èédú wá, ilé iṣẹ́ rélùwéè ń sanwó rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé tí ilé iṣẹ́ náà ò fọwọ́ sí, ilé-ẹjọ́ sì ní àdéhùn wà. Ẹni tó bá kọ "láé" sí ìpinnu Felthouse á kọsẹ̀ nígbà tí kíláàsì bá dé orí Brogden.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ka ìbéèrè, kí ẹ ka ìpinnu tẹ̀ lé e. Ó gbọ́dọ̀ dún bí ẹni méjì tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ìpinnu bá mẹ́nu ba ohun tí ìbéèrè ò bi, ọ̀kan nínú wọn ní àléébù, ìbéèrè ló sì sábà máa ń jẹ́.

Ìpele 5: Ìdí ìpinnu

Ẹ padà sí ìsàlẹ̀ ìlà tí ẹ fà sórí Adájọ́ Willes. Ẹ máa wá "nítorí" àti "nítorí náà" rẹ̀, kí ẹ to wọn tẹ̀ léra wọn. Ọ̀nà tó gbà nìyí.

Ó kọ́kọ́ ní àdéhùn ò parí ní ọjọ́ 2 oṣù Kìn-ín-ní, torí pé ìyè méjì wà lórí iye. Ìwé Paul wá di ìdábàá lásán tó wà nílẹ̀; John lè gbà á, Paul náà sì lè mú un kúrò kí John tó gbà. Lẹ́yìn náà ló dé orí ọ̀rọ̀ tí John sọ fún Bindley. Kò fojú fo ọ̀rọ̀ yìí. Ó gbà pé John ti pinnu lọ́kàn láti jẹ́ kí Paul ní ẹṣin ní iye tó dá. Àmọ́ kò fi tó Paul létí, kò sì ṣe ohunkóhun tó de ara rẹ̀. Nítorí náà, títí di ọjọ́ gbàǹjo, kò sí ohun tó sọ ẹṣin di ti Paul.

Ó wá dé orí ìwé ọjọ́ 27. Ibí ni àìsanwó àti àìgba ẹṣin ti wúlò. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn ní ọjà tó bá tó 10 pọ́n-ùn gbọ́dọ̀ ní ìwé, tàbí kí a ti san nǹkan, tàbí kí a ti gba ọjà, kí àdéhùn rẹ̀ tó lè dúró ní ilé-ẹjọ́. Paul ò san, kò gba ẹṣin. Ìwé ọjọ́ 27 nìkan ló kù fún un, ó sì dé lẹ́yìn tí Bindley ti ta ẹṣin. Ilé-ẹjọ́ ò jẹ́ kó ṣiṣẹ́ sẹ́yìn láti fi pa ẹlòmíràn lára. Ní ọdún 1863, ilé-ẹjọ́ tó ga ju ti wọn fara mọ́ ọn.

Ìlà mẹ́rin sí márùn-ún tó fún gbogbo èyí. Kí ẹ wá fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún èrò tiyín, kí ẹ sàmì sí i pé tiyín ni, kó má baà dà bí ọ̀rọ̀ adájọ́. Èrò tèmi rèé: òfin pé a kò lè fi ìdákẹ́jẹ́ de ènìyàn, ẹni tó dákẹ́ ló ń dáàbò bò, kí wọ́n má baà fi ọjà lé e lọ́rùn. John ò nílò ààbò yẹn. Ó fẹ́ tà. Paul náà ti sọ pé òun ò nílò èsì. Ta wá ni òfin náà ṣe láǹfààní? Bindley tó gbàgbé ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń sọ pé ìpinnu yìí le jù lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, bí òfin inú rẹ̀ tilẹ̀ dáa.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ mú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan nínú ìdí, kí ẹ wá ohun tó bá a mu nínú ìpele 2. Bí ìdí bá dúró lórí ohun tí kò sí nínú ìtàn yín, ẹ padà lọ fi í síbẹ̀. Bí ohun kan bá wà nínú ìtàn tí ìdí kankan ò lò, ẹ lè pa á rẹ́ báyìí.

Ìpele 6: Ẹ dán an wò pẹ̀lú ìtàn mìíràn

Ẹ mú oníṣòwò kaṣú kan láti Lọ́kọ́jà. Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àgbẹ̀ kan ní Mọ̀pà pé: "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ oko. Mo máa ra àpò kaṣú ogún tó wà nílé yín ní iye tí a sọ lánàá. Bí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan títí di ọjọ́ Ẹtì, ó ti di tèmi." Bàbá ò fèsì, wọ́n sì ta á fún ẹlòmíràn ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ lo ojú-ìwé yín láìwo ìròyìn ẹjọ́ mọ́. Kò yẹ kó gbà yín ní àsìkò: kò sí àdéhùn.

Ẹ wá yí i padà. Ká ní bàbá ò fèsì, ṣùgbọ́n ní Ọjọ́rú wọ́n di ogún àpò náà sínú ọkọ̀ tí oníṣòwò yẹn fúnra rẹ̀ rán wá. Bí ìpinnu tí ẹ kọ ní ìpele 4 bá ṣì ń sọ pé kò sí àdéhùn, "láé" yẹn ti wọlé síbẹ̀. Ẹ padà lọ wo gbólóhùn "tàbí ṣe ohun tó de ara rẹ̀", kí ẹ rí i pé ó wà níbẹ̀.